Orí Karùn-ún: Ohun Tí Ojú Mọ̀ Tí Ọwọ́ Kò Lè Kọ

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni Ìyá Báyọ̀ nígbà tó padà sídìí ìwé. Obìnrin inú ìtàn ni, kì í ṣe ẹnì kan pàtó, ṣùgbọ́n òfin owó orí tó ń kà àti àwọn ìwádìí tí n ó mẹ́nu bà nínú orí yìí, òótọ́ ni gbogbo wọn. Ìbàdàn ló ń gbé. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe akọ̀wé owó oṣù ní iléeṣẹ́ kan. Òun ló ń ṣírò iye tí wọ́n máa yọ nínú owó òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kí owó tó wọ àkáǹtì wọn. Nígbà tí àwọn ọmọ ti ń dàgbà, ó ní òun náà fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nínú iṣẹ́ owó orí. Oṣù kẹrin ọdún 2026 ni ìdánwò rẹ̀.

Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, torí iṣẹ́ tó ń ṣe lójoojúmọ́ ni wọ́n fẹ́ bi í. Àfi bí òfin ṣe yí padà. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí Òfin Owó Orí Nàìjíríà, pé kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026. Òfin náà gbé ètò tuntun kalẹ̀ fún owó orí òṣìṣẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ àwọn ohun tí òfin ní kí wọ́n yọ, wọn ò ní gba kọ́bọ̀ lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú ohun tó kù. Lórí ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, wọ́n máa gba ìdá 15 nínú 100. Lórí ₦9,000,000 tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, ìdá 18. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń gòkè lọ, ìdá 21 lórí ₦13,000,000, ìdá 23 lórí ₦25,000,000, títí dé ìdá 25 lórí ohunkóhun tó bá kọjá ₦50,000,000.

Ìyá Báyọ̀ ra ìwé kíkọ tuntun. Ó fi rúlà fa ìlà, ó da àtẹ yìí kọ sínú rẹ̀, ó tún un kọ nígbà tí èyí àkọ́kọ́ kò wuyì tó, ó sì fi bírò aláwọ̀ yẹ́lò kun gbogbo ibi tó ṣe pàtàkì. Lálaalẹ́, tí wọ́n bá ti jẹun tán, yóò jókòó ti tábìlì, yóò ka ojú ewé náà láti òkè dé ilẹ̀. Tó bá kà á tán, yóò mi orí. Ó ti yé e. Ẹni tó bá rí nóòtù náà á ní kò sí bó ṣe máa fìdí rẹmi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ọdún 2025, bàbá tó ń wa mọ́tò iléeṣẹ́ wọn yọjú sí i ní ọ́fíìsì.

“Ìyá Báyọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní òfin owó orí tuntun ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, èló ni wọ́n máa máa yọ lọ́wọ́ mi?”

“Ẹ jókòó, Bàbá. Kò le rárá.”

Ó mú bébà. Ó mọ owó bàbá náà, ₦100,000 lóṣù, ìyẹn ₦1,200,000 lọ́dún. Ó yọ owó ìfẹ̀yìntì. Ó yọ ₦200,000, ó tún yọ ìdá 20 nínú ohun tó kù lẹ́yìn owó ìfẹ̀yìntì. Ó gba ìdá 7 lórí ₦300,000, ìdá 11 lórí ₦300,000 mìíràn, ìdá 15 lórí ìyókù. Kò ṣíwọ́, kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. “₦5,540 lóṣù, Bàbá.”

Bàbá wo bébà, ó wo ojú rẹ̀. “Ṣebí iye tí wọ́n ń yọ tẹ́lẹ̀ náà nìyẹn. Kí ló wá tuntun nínú òfin ọ̀hún?”

Òfin àtijọ́, èyí tó wà láti ọdún 2011, ni Ìyá Báyọ̀ ti ṣírò tán yẹn. Kò sí ẹyọ kan nínú àtẹ tuntun tó ti ń kà lálaalẹ́ tó jáde wá. Ó fa ìwé nóòtù rẹ̀ yọ nínú báàgì, àwọn méjèèjì sì tún iṣẹ́ náà ṣe pa pọ̀. Ìdá 8 nínú owó bàbá ló ń lọ sí owó ìfẹ̀yìntì, ₦96,000 lọ́dún. Òfin tuntun ti fagi lé ₦200,000 àti ìdá 20 àtijọ́. Ohun tó fi rọ́pò wọn ni ìdẹ̀kùn owó ilé: ìdá 20 nínú owó ilé tí èèyàn san lọ́dún, bí kò bá ti kọjá ₦500,000. Ó bi bàbá léèrè iye tó ń san fún lánlọ́ọ̀dù. ₦220,000 ni. Ìdẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ ₦44,000. Bí a bá yọ ₦96,000 àti ₦44,000 kúrò nínú ₦1,200,000, ó ku ₦1,060,000. ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó orí. Ìdá 15 nínú ₦260,000 tó kù jẹ́ ₦39,000 lọ́dún. Tí a bá pín in sí oṣù méjìlá, ₦3,250 ni.

Bàbá dúpẹ́, ó lọ. Ìyá Báyọ̀ jókòó síbẹ̀, ó ń wo nóòtù rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíì ló kọ ọ́.

Ìdí tí kíkà léraléra fi ń tan ni jẹ

Kì í ṣe pé obìnrin yìí ya ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe pé ọjọ́ orí ti bá ọpọlọ rẹ̀ jà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ogún ọdún pẹ̀lú. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ojú rí nǹkan kó dá a mọ̀, àti kí èèyàn mú nǹkan náà jáde láti inú ara rẹ̀ nígbà tí kò sí níwájú rẹ̀. Èrò inú mọ́tò tó ń gba ojú ọ̀nà kan lójoojúmọ́ á dá gbogbo ilé tó wà níbẹ̀ mọ̀; ẹ gbé ọwọ́ mọ́tò lé e lọ́wọ́, ẹ wá wò ó bóyá á mọ ibi tó yẹ kó ti yà. Ìyá Báyọ̀ ti fi alẹ́ púpọ̀ kọ́ ojú rẹ̀ láti dá àtẹ kan mọ̀. Kò tíì fi ìgbà kan kọ́ ọwọ́ rẹ̀ láti kọ ọ́ jáde láìwòwé.

Ìwádìí tó fi èyí hàn jù ni èyí tí Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke ṣe ní Yunifásítì Washington ní ìlú St. Louis, ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ọdún 2006. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àpilẹ̀kọ kúkúrú láti kà. Àwọn kan kà á ní ìjókòó mẹ́rin. Àwọn mìíràn kà á ní ìjókòó kan ṣoṣo, wọ́n sì lo ìjókòó mẹ́ta yòókù láti kọ ohun tí wọ́n rántí sórí bébà òfìfo, láìtún fojú kan àpilẹ̀kọ náà mọ́. Nígbà tí wọ́n dán àwọn kan lára wọn wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó kà á ní ìjókòó mẹ́rin ló borí: wọ́n rántí ìdá 83 nínú 100, àwọn tó ń kọ ọ́ jáde rántí ìdá 71. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ la ti dúró, à bá ní kí gbogbo èèyàn máa ka ìwé wọn ní àkàtúnkà.

Ṣùgbọ́n wọ́n dán àwọn yòókù wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tí àwọn olùkàtúnkà rántí ti já wálẹ̀ sí ìdá 40. Àwọn tó ń kọ ọ́ jáde ṣì di ìdá 61 mú. Ìyẹn ni pé àwọn àkọ́kọ́ ti sọ ohun tó lé ní ìdajì nù láàárín ọjọ́ méje, nígbà tí ohun tó bọ́ lọ́wọ́ àwọn kejì kò tó nǹkan. Ohun kan tún wà níbẹ̀ tó yẹ ká fi sọ́kàn. Nígbà tí àwọn olùwádìí bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà bí wọ́n ṣe rò pé àwọn máa rántí tó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó kà á ní ìjókòó mẹ́rin ló dá lójú jù.

Ibi tí ẹ̀tàn náà wà gan-an nìyẹn. Bí a bá ka nǹkan lẹ́ẹ̀kẹta, ó máa ń yọ̀ lójú bí epo, a ò ní kọsẹ̀ níbì kankan. Ọkàn á wá mú ìrọ̀rùn ojú yìí, á kà á sí ìmọ̀. Bírò yẹ́lò náà ń dá kún un: ojú tètè ń rí ibi tó kùn, bẹ́ẹ̀ ibi tí nǹkan wà nínú ìwé ló ń kọ́, kì í ṣe nǹkan náà. Ní ọdún 2009, Karpicke, Roediger àti Andrew Butler bi akẹ́kọ̀ọ́ 177 nípa bí wọ́n ṣe ń kàwé. Nǹkan bí 84 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àwọn máa ń tún nóòtù àti ìwé àwọn kà. Àwọn tó ní àwọn máa ń pa ìwé dé kí àwọn sì gbìyànjú láti rántí kò ju nǹkan bí 11 nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ìwé tí a ṣẹ́ po

Ìyá Báyọ̀ kò mọ ohunkóhun nípa ìwádìí wọ̀nyí. Ohun tó kíyè sí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ló là á lójú. Ní àárọ̀ Sátidé kan, ó ń fọṣọ, ó wá ń dán ara rẹ̀ wò pé kí ni òun mọ̀ nínú gbogbo nóòtù ọ̀hún. Ìdẹ̀kùn owó ilé jáde wọ̀ọ̀: ìdá 20, kò gbọdọ̀ kọjá ₦500,000. ₦800,000 tí kò lówó orí jáde. Ìdá 15 jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Ìdá 18 wà níbì kan, àmọ́ lórí èló? Kí ló tẹ̀ lé e? Kò rí i mú. Bẹ́ẹ̀, ojú ewé kan náà ni gbogbo wọn wà, bírò kan náà ló fi kùn wọ́n, alẹ́ kan náà ló kà wọ́n. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó rí ni pé ohun tó jáde yìí ni bàbá dírẹ́bà bi í, tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣírò. Kò sẹ́ni tó tíì bi í ní ti ìyókù.

Bó ṣe sá aṣọ tán, ó mú ìwé nóòtù náà, kò sì tún ẹyọ kan dà kọ mọ́. Ó ṣẹ́ ojú ewé tuntun kan sí méjì lóròó. Lápá òsì, ó kọ ìbéèrè. Lápá ọ̀tún, ó kọ ìdáhùn, ó wá ká apá ọ̀tún náà sẹ́yìn kí ojú má baà rí i. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ohun tó ń pè ní nóòtù kì í ṣe àkọsílẹ̀ ohun tí òfin sọ mọ́. Ìbéèrè ni, tí ìdáhùn wọn wà lẹ́yìn.

Ó tètè mọ̀ pé ìbéèrè ju ìbéèrè lọ. Èyí tó kọ́kọ́ kọ ni: “Ṣé ìdẹ̀kùn owó ilé lópin?” Ìbéèrè yìí ti sọ ìdáhùn ara rẹ̀ tán kí ẹnikẹ́ni tó ronú. Ó pa á rẹ́, ó kọ òmíràn sí ipò rẹ̀: “Ẹnì kan san ₦3,000,000 fún owó ilé lọ́dún. Èló ni ìdẹ̀kùn rẹ̀?” Ẹni tó bá sáré á gba ìdá 20, á kọ ₦600,000. Ẹni tó mọ òfin á rántí ààlà, á kọ ₦500,000. Ó tún kọ èyí: “Ẹni tó ń gbé inú ilé ara rẹ̀ ńkọ́?” Kò sanwó ilé, nítorí náà kò ní ìdẹ̀kùn owó ilé, àmọ́ bó bá yá owó kọ́ ilé tó ń gbé, òfin gbà kí wọ́n yọ èlé tó ń san lórí owó náà. Bí ó ṣe ń ronú ìbéèrè báyìí, ó ń rí i pé òun ní láti padà sínú òfin wo ohun tí òun ti kà kọjá láìfura.

Òfin kan ló fi de ara rẹ̀: kò gbọdọ̀ ṣí apá ọ̀tún títí yóò fi kọ ìdáhùn sórí bébà jákujàku kan. Kò gbà kí òun dáhùn nínú ọkàn. Ó ti rí i pé tí òun bá dáhùn nínú ọkàn, ìdajì ìdáhùn ló máa ń wá, òun á sì ṣí ìwé, òun á ní, “Ẹ̀n-ẹ̀n, ohun tí mo ní lọ́kàn náà nìyẹn.” Bébà kì í gba irú àwáwí bẹ́ẹ̀. Iye tó kọ wà níbẹ̀, iye tó tọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n bá ara wọn mu tàbí wọn ò bára mu.

Àṣìṣe tó dá ni lójú

Ìyàlẹ́nu rẹ̀ ni pé òfo tí kò rántí kọ́ ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń gbà ní òdì. Ohun tó pọ̀ jù ni èsì tó jáde kíá, tó dá a lójú, tó sì jẹ́ ti òfin àtijọ́. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, ó ń di ọṣẹ ni, àtẹ àtijọ́ sì ti pẹ́ lára rẹ̀. Ìdá 15 wà nínú àtẹ méjèèjì: nínú ti àtijọ́, orí ₦500,000 ló wà, nínú ti tuntun, orí ₦2,200,000. Ìdá 21 náà wà nínú méjèèjì: ₦1,600,000 ni ti àtijọ́, ₦13,000,000 ni ti tuntun. Ibi tí nọ́ńbà méjì ti jọra yìí gan-an ni ọwọ́ rẹ̀ ti ń yà bàrá. Ó lè bẹ̀rẹ̀ dáadáa lórí àtẹ tuntun, tó bá dé ìdá 21, á kọ ₦1,600,000 sí i láìmọ̀ pé òun ti ré kọjá sínú òfin ọdún 2011.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó fa èyí dáadáa, torí ibẹ̀ ni kókó orí yìí wà. Ohun tó ń mú ìrántí lágbára ni mímú nǹkan jáde láti inú ọkàn. Lóṣooṣù, fún ọ̀pọ̀ ọdún, Ìyá Báyọ̀ ń mú àtẹ àtijọ́ jáde fún òṣìṣẹ́ kan tẹ̀ lé òmíràn. Láìmọ̀, ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ tó dára jù lọ ló ti ń lò látọjọ́ yìí, ó sì ti fi kọ́ ohun tí kò wúlò mọ́. Àtẹ tuntun, kíkà nìkan ló kà á. Nígbà tí bàbá dírẹ́bà bi í ní ìbéèrè, èyí tó ti ń jáde láti ọjọ́ pípẹ́ ló jáde. Rírántí láìwòwé kì í yan òótọ́. Ohunkóhun tí èèyàn bá ń mú jáde ló ń fún lókun, ì báà tọ́, ì báà má tọ́. Ìdí nìyẹn tí ìdáhùn fi gbọ́dọ̀ wà nítòsí, kí èèyàn sì yẹ̀ ẹ́ wò ní ìjókòó kan náà.

Ó wá dá àṣà kan sílẹ̀. Kó tó ṣí apá ọ̀tún, ó máa ń kọ 1, 2 tàbí 3 sẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì rẹ̀. 1 túmọ̀ sí pé ó kàn ń ṣẹ́ àbá, 3 túmọ̀ sí pé ó lè búra. Èsì tó bá ní 3 tó sì jẹ́ òdì, ó máa ń fi bírò pupa yí i po. Àwọn olùwádìí ti rí ohun kan tó gbè é lẹ́sẹ̀ níbí. Ní ọdún 2001, Brady Butterfield àti Janet Metcalfe fi hàn pé bí wọ́n bá sọ ìdáhùn tó tọ́ fún èèyàn, àṣìṣe tó dá a lójú tẹ́lẹ̀ ló máa ń yára tún ṣe ju èyí tó kàn méfò lé lórí. A lè rò pé èyí tó ti fìdí múlẹ̀ ló yẹ kó le láti tú, àmọ́ ìyàlẹ́nu tó bá èèyàn nígbà tó rí i pé ohun tó lè búra lé lórí kò tọ́ máa ń mú kó fiyè sí àtúnṣe náà gan-an.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún Ìyá Báyọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tó kọ́kọ́ yí ₦1,600,000 po, ó tún àtẹ náà kọ láìwòwé, gbogbo rẹ̀ tọ́. Ó ní ìyẹn ti tán. Nígbà tó padà sí ojú ewé yẹn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó lé, ₦1,600,000 tún ti dé.

Èyí náà ti ní àlàyé. Ní ọdún 2011, Butler, Lisa Fazio àti Elizabeth Marsh rí i pé àtúnṣe àṣìṣe tó dá ni lójú ṣì máa ń dúró lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n tí àtúnṣe náà bá ti bọ́ lọ́kàn èèyàn, irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ló máa ń padà wá jù. Àtúnṣe kì í pa ti àtijọ́ rẹ́. Àwọn méjèèjì jọ wà níbẹ̀ ni. Tí tuntun bá ti ń ṣá, àtijọ́ ti ṣetán láti gba ipò rẹ̀. Ní ọdún 2014, Metcalfe àti David Miele ṣe àfikún kan tó ṣe pàtàkì: bí èèyàn bá ti mú ìdáhùn tó tọ́ jáde fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n sọ ọ́ fún un, kì í ṣe pé ó kàn gbọ́ ọ, àṣìṣe náà kì í lè padà bẹ́ẹ̀ mọ́. Nítorí náà, kí èèyàn wo àtúnṣe kó sì mi orí kò tó. Ó gbọ́dọ̀ tún pa ìwé dé, kó kọ èyí tó tọ́, kó sì tún padà wá bá a lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, nígbà tó ti fẹ́ máa gbàgbé.

Ìyá Báyọ̀ wá ń fi ọjọ́ sí ojú ewé rẹ̀. Èyí tó bá gbà lónìí, ó di ọ̀túnla. Tó bá tún gbà á, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Èyí tó bá kùnà, ọ̀la ni. Kì í yọ ojú ewé kan kúrò nítorí pé ó gbà á lẹ́ẹ̀kan, ó sì ṣe dáadáa. Roediger àti Karpicke ti dán ìyẹn náà wò ní ọdún 2008, nígbà tí wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà ní ogójì ọ̀rọ̀ èdè Swahili láti kọ́. Gbogbo wọn ló kọ́ ọ̀rọ̀ náà tán lọ́jọ́ náà. Àwọn tí wọ́n ń bi léèrè lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti gbà tẹ́lẹ̀ rántí nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn tí wọn ò bi léèrè ọ̀rọ̀ kan mọ́ gbàrà tí wọ́n bá ti gbà á, kódà bí wọ́n ṣì ń kà á nìṣó, kò rántí ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta lọ.

Ibi tí agbára ọ̀nà yìí mọ

Èèyàn lè kọ gbogbo àtẹ náà jáde láìṣì kankan, síbẹ̀ kó má mọ̀ ọ́n lò. Ìbéèrè kan wà tí Ìyá Báyọ̀ fi ń yẹ òye ara rẹ̀ wò: “Bí owó tí owó orí kàn bá kúrò ní ₦3,000,000 tó di ₦3,000,100, èló ni owó orí rẹ̀ máa fi gòkè?” Nígbà tó kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀, ó gba ìdá 18 lórí gbogbo ₦3,000,100, ó rí ₦540,018, ẹ̀rù sì bà á, torí ₦330,000 ni ti ₦3,000,000. Ṣé torí ₦100 ni owó orí èèyàn ṣe máa fi ohun tó lé ní igba ẹgbẹ̀rún náírà gòkè? Ìdá 18 yẹn, orí ₦100 tó kọjá ààlà nìkan ló bọ́ sí. Náírà 18 péré ló fi gòkè. Kò sí iye ìgbà tó lè kọ àtẹ náà lórí tó máa fi èyí hàn án; òye bí ìpele ṣe ń ṣiṣẹ́ ló ṣàìní, ó sì ní láti padà sínú ìwé lọ wá a. Ohun tí kò bá tíì yé èèyàn, kíkà ló kọ́kọ́ nílò. Kò sí ohun tí a lè mú jáde láti inú àpò tí a ò fi nǹkan sí.

Àléébù kejì máa ń fara pa mọ́. Bí ìbéèrè kan bá ti pẹ́ lójú ewé kan, èèyàn lè máa dá ojú ewé náà mọ̀ dípò kó máa ṣírò. Ìyá Báyọ̀ rí i nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kọ ₦39,000 kó tó ka ìbéèrè bàbá dírẹ́bà tán. Ó wá ń yí iye owó àti owó ilé padà nígbàkúùgbà tó bá dé ibẹ̀, ó sì ń da ìbéèrè pọ̀ kí wọ́n má baà tẹ̀ lé ara wọn bí ti àná. Àmì tó fi ń mọ̀ pé òun mọ nǹkan kan ni pé nọ́ńbà tuntun kò da òun láàmú.

Àwọn tó bá tún padà sídìí ìwé lágbà máa ń bẹ̀rù pé irú ọ̀nà báyìí, ti àwọn ọmọ yunifásítì ni. Ashley Meyer àti Jessica Logan dán an wò, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2013: àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 55 sí 65 jàǹfààní dídán ara ẹni wò bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe jàǹfààní rẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ fún àgbàlagbà ni ẹrù tó gbé wá. Ọmọ ogún ọdún tó ń ka òfin owó orí kò mọ àtẹ kankan tẹ́lẹ̀. Òfo ló ń bá jà. Ẹni tó ti fi òfin kan ṣiṣẹ́ láti ọdún 2011, èsì tó ti wà nílẹ̀ ló ń bá jà, èsì yẹn kì í sì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé. Nítorí náà, bí àgbàlagbà bá fẹ́ ṣe ìwé ìbéèrè fún ara rẹ̀, kó má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí kò mọ̀ rí. Ibi tó dá a lójú jù, tó rò pé kò sí ìdí láti tún kà, ibẹ̀ ni kó ti kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè.